Ìwé atúmọ̀ òpó fún kaṣú wa: G tó ní ìtumọ̀ méjì, àti áùtọ́ọ̀nù tí kò bára mu

Ibùdó márùn-ún ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ti ń ra kaṣú: Kabba, Ayétòrò-Gbẹdẹ, Mọpa, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀. Inú ìwé gígùn onílà ni àwọn akọ̀wé máa ń kọ ọ́ sí. Lẹ́yìn àsìkò tó kọjá, a da gbogbo rẹ̀ kọ sínú ṣíìtì kan lórí kọ̀ǹpútà, kí a lè mọ ibi tí kaṣú tó dára jù ti ń wá, kí owó tí àgbẹ̀ ń gbà sì bá ohun tó kó wá mu. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ ìwé atúmọ̀ òpó, èyí tí yóò sọ ohun tí òpó kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìlà tó dúró lóròó nínú ṣíìtì, jẹ́, òṣùwọ̀n rẹ̀, kóòdù tó wà nínú rẹ̀ àti iye tó lè wọ ibẹ̀. Bí iṣẹ́ náà ṣe lọ ni mo kọ sílẹ̀ yìí, àti ibi tí mo ti ṣìnà.

Ọjọ́ kìíní

Mo jókòó ti ṣíìtì náà nìkan, mo sì ń kọ ìtumọ̀ láti orí òpó. Òpó tí wọ́n pè ní `ojo`, mo kọ "ọjọ́ tí a ra kaṣú". `iwon`, mo kọ "ìwọ̀n kaṣú". `ami`, mo kọ "àmì". Nígbà tó fi di ọ̀sán, mo ti parí òpó mọ́kànlá, inú mi sì dùn. Mo tún un kà nírọ̀lẹ́, mo wá rí i pé n kò tíì sọ nǹkan kan. Ẹni tó bá mọ̀ pé `iwon` ni orúkọ òpó kò nílò kí n tún sọ fún un pé ìwọ̀n ni. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni bóyá kílò ni tàbí mùdù, bóyá àpò wà lára ohun tí wọ́n gbé lé òṣùwọ̀n, ta ló wọ̀n ọ́n, ìgbà wo ni wọ́n sì wọ̀n ọ́n. Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́.

Ọjọ́ kejì: mo wo ohun tó wà nínú òpó gan-an

Kí n tó bi ẹnikẹ́ni léèrè, mo fẹ́ mọ ohun tí wọ́n kọ sí òpó kọ̀ọ̀kan, ní ibùdó kọ̀ọ̀kan. Ìlà mẹ́ta yìí ló ṣe é:

```python
import pandas as pd
d = pd.read_csv("kasu.csv", dtype=str, keep_default_na=False)
print(d.groupby(["ibudo", "ami"]).size())
```

`dtype=str` ni kò jẹ́ kí kọ̀ǹpútà yí nǹkan padà lójú mi. Nọ́mbà káàdì àgbẹ̀ wa máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òdo, bíi `0041`. Bí o bá jẹ́ kí ó kà á bíi nọ́mbà, `41` ló máa kù, káàdì náà kò sì ní bá ti inú ìwé mu mọ́. `keep_default_na=False` náà ní iṣẹ́ tirẹ̀: láìsí i, ọ̀rọ̀ bíi `NA` tí akọ̀wé fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ yóò di àpótí òfìfo, n kò sì ní mọ̀ pé ẹnì kan ti kọ nǹkan síbẹ̀ rí.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo rí ni pé Mọpa jẹ́ méjì. Wọ́n jọra lójú, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kà wọ́n sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Lẹ́tà ọ tí wọ́n fi fóònù tẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo (`U+1ECD`), èyí tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà tẹ̀ sì jẹ́ o lásán tí wọ́n fi àmì ìsàlẹ̀ kún (`U+0323`). Ẹni tó bá ń fi Yorùbá kọ dátà gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ èyí. Nítorí náà, mo fi kóòdù aláìlámì rọ́pò orúkọ ibùdó: `KAB`, `AYG`, `MOP`, `ISA`, `EGB`. Orúkọ gidi pẹ̀lú àmì rẹ̀ wà nínú ìwé atúmọ̀, níbi tí ènìyàn yóò ti kà á.

Òpó ìlú àgbẹ̀ náà ní tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìlà kàn ní "Ayetoro" lásán. Ayétòrò-Gbẹdẹ wà ní Ìjùmú, Ayétòrò-Kírì sì wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Kabba/Bùnú, kaṣú sì ń ti ìhà méjèèjì wá sọ́dọ̀ wa. Mo yà wọ́n sí `AYG` àti `AYK`. Èyí tí n kò lè yà, mo fún un ní `AY?`, mo sì kọ sínú ìwé atúmọ̀ pé kóòdù yìí wà fún àkọsílẹ̀ àtijọ́ nìkan, kí ẹnikẹ́ni má lò ó fún tuntun.

Ọjọ́ kẹta: G

Òpó `ami` ní `T`, ó ní `G`, ó sì ní òfìfo. Mo ti fọkàn sí i pé T ni tútù, G ni gbígbẹ. Ó rọrùn láti gbà bẹ́ẹ̀, àti pé òótọ́ ni, ní Ìsánlú. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi òpó `ami` sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó ọ̀rinrin, mo rí i pé ní Mọpa, àwọn kaṣú tí wọ́n kọ G sí ní ọ̀rinrin 12, 13, kódà 14 nínú ọgọ́rùn-ún. Kaṣú tó bá kọjá 10 kì í ṣe kaṣú gbígbẹ lójú ọ̀pọ̀ oníṣòwò. Bí o bá dì í sínú àpò bẹ́ẹ̀, yóò hu. Báwo ni G ṣe wá jẹ́ gbígbẹ?

Mo gun ọ̀kadà lọ sí Mọpa. Mo bá ẹ̀gbọ́n tó ń kọ̀wé níbẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́.

"Òkun o, ẹ̀gbọ́n."

"Òkun. Báwo ni ilé?"

Mo ṣí ìwé síwájú wọn, mo fi ìka tọ́ G kan. Wọn kò tilẹ̀ ronú kí wọ́n tó dáhùn. "Gbèsè ni. Kaṣú tí a kó láì tíì sanwó. Bí mo bá ti sanwó, mo máa ń fi igi pa á."

Wọ́n ṣí ewé kejì. Lóòótọ́, igi wà lórí àwọn G kan, bíírò pupa ni wọ́n fi fà á. Ẹni tó da ìwé náà kọ sórí kọ̀ǹpútà kò da igi pupa kọ. Ó kọ G lásán, nítorí kò sí ibi kankan tí ó ti lè mọ̀ pé igi náà ní ìtumọ̀. Bí ó ṣe di pé nínú òpó kan náà, lẹ́tà kan náà ń sọ̀rọ̀ oòrùn ní Ìsánlú, ó ń sọ̀rọ̀ owó ní Mọpa nìyẹn. Ká ní mo ti kọ "G = gbígbẹ" tí mo sì fi í ránṣẹ́, àwọn àgbẹ̀ tí a jẹ lówó ní Mọpa ì bá pòórá kúrò nínú àkọsílẹ̀ wa. Èyí dùn mí wọra nígbà tí mo ń padà bọ̀.

Mo ya òpó náà sí méjì. `gbigbe` gba `T` tàbí `G` nìkan, `T` ni kaṣú tó ṣì nílò oòrùn, `G` ni èyí tó ti gbẹ. `owo_san` gba `1` fún ẹni tí a ti san gbogbo owó fún, `2` fún ẹni tí a san díẹ̀ fún, `3` fún ẹni tí a kò tíì san kọ́bọ̀ fún. Mo mọ̀ọ́mọ̀ lo nọ́mbà fún ti owó, kí lẹ́tà kankan má baà tún dà wọ́n pọ̀. Èmi àti ẹ̀gbọ́n Mọpa padà sídìí ìwé, a sì wo gbogbo G lọ́kọ̀ọ̀kan fún igi pupa. Ó gbà wá ní ọ̀sán méjì.

Ọjọ́ karùn-ún: ìwọ̀n

Ní Ẹ̀gbẹ̀, àwọn ìyá tó ń kó kaṣú díẹ̀díẹ̀ wá máa ń fi mùdù tà á. `14` tó wà nínú òpó `iwon` lè jẹ́ kílò mẹ́rìnlá, ó sì lè jẹ́ mùdù mẹ́rìnlá. Ẹnì kan ní kí n kàn fi nọ́mbà kan sọ mùdù di kílò, kí n yéé da ara mi láàmú. Mo kọ́kọ́ dán an wò. Mo fi mùdù kan ṣoṣo wọn kaṣú gbígbẹ: nígbà tí mo fi ọwọ́ gba orí rẹ̀ kí ó tẹ́, mo rí kílò 1.02, mo tún rí 1.05. Nígbà tí ìyá kan fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó o kún dé góńgó bí wọ́n ṣe ń ṣe lọ́jà, ó jẹ́ 1.19, ó tún jẹ́ 1.27. Mùdù kan náà ni, kaṣú kan náà ni. N kò lè fi irú ìyẹn ṣírò owó ẹnikẹ́ni.

Òpó méjì ni mo fi rọ́pò ọ̀kan. `iwuwo_kg` ni ohun tí òṣùwọ̀n sọ, ní kílò, lẹ́yìn tí a ti yọ ìwúwo àpò kúrò. `iye_mudu` ni iye mùdù, fún kaṣú tí kò dé orí òṣùwọ̀n rí. Ìlà kan kò gbọdọ̀ ní méjèèjì, kò sì gbọdọ̀ ṣàìní ọ̀kan. Orúkọ òpó pàápàá ti sọ òṣùwọ̀n rẹ̀, kí ẹni tí kò ní ṣí ìwé atúmọ̀ láéláé má baà ṣìnà.

Ọ̀rọ̀ òdo àti òfìfo, ibẹ̀ ni mo ti yanjú rẹ̀. Àwọn kan ń kọ `0` sí ọ̀rinrin nígbà tí ẹ̀rọ wọn kò bá ní bátìrì. Òdo kì í ṣe "a kò wọ̀n ọ́n", nítorí bí o bá wá àròpín, òdo yóò fa gbogbo rẹ̀ wálẹ̀. `-9` tí àwọn mìíràn ń lò yóò fà á wálẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ẹni tó ń ṣírò bá gbàgbé láti yọ ọ́. Àpótí òfìfo ni mo yàn fún ohun tí a kò wọ̀n, mo sì fi òpó kékeré kan tì í, `idi_ofo`, tó gba `1` fún "ẹ̀rọ kò ṣiṣẹ́", `2` fún "a kò ní àkókò" àti `3` fún "ìwé sọnù". Ti ọjọ́ rọrùn: `2024-04-03` ni a ó máa kọ, ọdún ṣáájú, kí ẹnikẹ́ni má baà ka oṣù kẹrin sí oṣù kẹta.

Ọjọ́ keje sí ìkẹwàá: áùtọ́ọ̀nù

Òpó yìí ló gba àkókò mi jù, òun náà ni n kò ní gbàgbé. Áùtọ́ọ̀nù, tí wọ́n ń kọ ní `kor`, ni iye pọ́ùn ọmọ inú kaṣú tó dára tí a ó rí nínú àpò 80 kílò. Kílò ni wọ́n fi ń ka àpò, pọ́ùn ni wọ́n fi ń ka ohun tó ti inú rẹ̀ jáde. Bí ọjà náà ṣe rí káàkiri ayé nìyẹn, a kò lè yí i padà, a lè kọ ọ́ sílẹ̀ nìkan. Láti mọ̀ ọ́n, ìwọ yóò bu kílò kan láti inú àpò, wàá la gbogbo kóró rẹ̀ sí méjì, wàá ṣa ọmọ inú rẹ̀ sọ́tọ̀. Èyí tó pé, tó funfun, wàá wọ̀n ọ́n pẹ̀lú awọ pupa ara rẹ̀. Èyí tó lábàwọ́n tàbí tí kò gbó tán, ìdajì ìwúwo rẹ̀ ni wàá kà. Èyí tó jẹrà, tó hu, tàbí tó ṣófo, kò sí nínú ìṣirò.

Mo ti kọ́kọ́ kọ ọ́ báyìí: "`kor`: pọ́ùn nínú 80 kílò, láti 40 dé 55." Mo ní ó parí. Gbogbo ibùdó ló wọ inú ààlà yẹn, àfi ìlà mélòó kan ní Kabba tó ní 23 àti 24. Ìyẹn sọ ara rẹ̀ fúnra rẹ̀: gíráàmù 500 ni wọ́n là, wọ́n sì ṣírò rẹ̀ bí ẹni pé kílò kan ni, ni ó fi jẹ́ ìdajì ohun tó yẹ.

Èyí tí kò sọ ara rẹ̀ ni ti Ẹ̀gbẹ̀. Àròpín wọn rẹlẹ̀ sí ti Ìsánlú tó bíi pọ́ùn méjì àbọ̀, ẹgbẹ́ sì ti ń sọ pé kaṣú Ẹ̀gbẹ̀ kò dára tó, kí a dín owó wọn kù. Mo jókòó ti màmá tó ń ṣe àyẹ̀wò níbẹ̀, wọ́n sì la kílò kan lójú mi. Ọwọ́ wọn yá, wọn kò sì fi ẹyọ kan ṣòfò. Èyí tó pé jẹ́ gíráàmù 254. Wọ́n kó gíráàmù 28 tó lábàwọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n wá ṣírò: 254 lọ́nà 80, ó jẹ́ 20,320 gíráàmù, wọ́n fi 453.6, tó jẹ́ gíráàmù inú pọ́ùn kan, pín in. Wọ́n kọ 44.8.

"Mà, èyí tó lábàwọ́n ńkọ́?"

"Ẹni tó kọ́ mi ní kí n má kà á. Ó ní àlébù ni."

Bí a bá fi ìdajì 28 kún un, 268 ni yóò jẹ́, áùtọ́ọ̀nù á sì di 47.3. Àpò kan náà ni, ọwọ́ kan náà ni, pọ́ùn 2.5 sì wà láàárín wọn. 44.8 àti 47.3, àwọn méjèèjì wà láàárín 40 àti 55. Ààlà tí mo fà kò lè mú un láé, ì báà jẹ́ kí n tún un fà lẹ́ẹ̀mẹwàá. Kaṣú Ẹ̀gbẹ̀ kò ní àbùkù kankan; ìtumọ̀ òpó ló yàtọ̀ láàárín ibùdó méjì, àgbẹ̀ ló sì fẹ́ sanwó rẹ̀.

Nítorí náà, mo mú `kor` kúrò lọ́wọ́ akọ̀wé. Ohun tí ojú rí lórí òṣùwọ̀n ni wọn yóò máa kọ: `g_ayewo`, `g_pipe`, `g_aabo`. Kọ̀ǹpútà ni yóò ṣírò ìyókù, lẹ́yìn tí a bá ti sọ òpó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di nọ́mbà:

```python
g = d.g_pipe + d.g_aabo / 2
d["kor"] = (g / d.g_ayewo * 80000 / 453.6).round(1)
```

Bí wọ́n bá la gíráàmù 500, kò burú mọ́, nítorí `g_ayewo` ti sọ ọ́. Ìlà yìí ló wà nínú ìwé atúmọ̀ báyìí:

```
opo,itumo,iwon,iye_ti_a_gba
g_ayewo,kaṣú tí a là,gíráàmù,500 tàbí 1000
g_pipe,ọmọ inú tó pé pẹ̀lú awọ rẹ̀,gíráàmù,0 dé g_ayewo
g_aabo,ọmọ inú tó lábàwọ́n,gíráàmù,0 dé g_ayewo
kor,kọ̀ǹpútà ló ń ṣírò rẹ̀,pọ́ùn nínú 80 kg,40-55: yẹ̀ ẹ́ wò bí ó bá jáde
```

Ẹ ṣàkíyèsí pé 40 sí 55 kì í ṣe òfin mọ́. Áùtọ́ọ̀nù 38 lè jẹ́ òótọ́ fún kaṣú tí òjò pa. Mo ya iye tí kò lè ṣẹlẹ̀ láéláé, bíi kí `g_pipe` ju `g_ayewo` lọ, sọ́tọ̀ kúrò lára iye tó kàn ṣàjèjì. Èyí àkọ́kọ́ ni a ń dá padà. Èkejì ni a ń bi akọ̀wé léèrè.

Fún àkọsílẹ̀ àtijọ́ Ẹ̀gbẹ̀, kò sí bí mo ṣe lè rí gíráàmù àbàwọ́n tí ẹnikẹ́ni kò kọ. Mo fi `kor` wọn sílẹ̀ bí ó ṣe wà, nínú òpó ọ̀tọ̀, `kor_atijo`, mo sì kọ sí i pé a kò gbọdọ̀ fi í wéra láàárín ibùdó. Mo gbé èyí lọ síwájú ìpàdé ẹgbẹ́ kí wọ́n tó fọwọ́ sí owó tuntun. Wọ́n dá ọ̀rọ̀ dídín owó Ẹ̀gbẹ̀ kù dúró.

Ọjọ́ kejìlá: àyẹ̀wò ìwé atúmọ̀ fúnra rẹ̀

Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ìwé náà lè dá dúró láìsí èmi. Mo mú àpò kan, mo dà á pọ̀ dáadáa lórí tapólì, mo bu kílò kan kan sínú ọ̀rá mẹ́ta. Mo fún màmá Ẹ̀gbẹ̀ ní ọ̀kan. Mo gbé èkejì fún àbúrò kan ní Ayétòrò-Gbẹdẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo fún un ní ìwé atúmọ̀, mo sì jáde síta kí ó má baà bi mí ní ìbéèrè.

Màmá rí 258 àti 30: áùtọ́ọ̀nù 48.1. Àbúrò rí 260 àti 12: 46.9. Èyí tó pé bára mu. Àárín àwọn aláàbọ̀, àwọn tí a ń ka ìdajì wọn, ni wàhálà wà.

Mo ní kí ó fi èyí tó dànù hàn mí. Ó da á sórí páànù. Láàárín àwọn tó jẹrà, mo rí àwọn kan tó rún, tí awọ wọn hunjọ bí ẹ̀wà tí oòrùn pa. Wọn kò jẹrà, wọn kò hu, wọn kò kàn gbó tán ni.

"Kí ló dé tí o kó ìwọ̀nyí síbẹ̀?"

"Ìwé ní èyí tó lábàwọ́n, ẹ̀gbọ́n. Àwọn wọ̀nyí kò lábàwọ́n, wọ́n kàn rún ni. N kò sì lè pè wọ́n ní pípé."

Òótọ́ ló sọ. Mo mọ̀ pé aláìgbó jẹ́ aláàbọ̀, màmá náà mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ohun tó wà lórí wa ni, kò sí lórí ìwé. A ṣa àwọn tó rún jáde, a wọ̀n wọ́n: gíráàmù 16. A fi kún 12, ó di 28. 260 pẹ̀lú ìdajì 28 jẹ́ 274, áùtọ́ọ̀nù rẹ̀ sì di 48.3. Ó wá kù díẹ̀ láàárín 48.1 àti 48.3, ìyẹn kò sì yà mí lẹ́nu, nítorí ọ̀rá méjì kò lè ní kóró kan náà.

Mo jókòó sórí àga àbúrò náà, mo tún ìtumọ̀ `g_aabo` kọ lójú rẹ̀: "ọmọ inú tó lábàwọ́n, àti èyí tó rún nítorí pé kò gbó tán. Èyí tó jẹrà, tó hu tàbí tó ṣófo kò sí níbí." Mo ya fọ́tò páànù náà, ìpín mẹ́ta lórí rẹ̀, mo fi sí ẹ̀yìn ìwé atúmọ̀. Mo kọ ọjọ́ àtúnṣe sí ìsàlẹ̀ àti ìdí tí mo fi ṣe é. Lẹ́yìn náà ni mo fún un ní ọ̀rá kẹta tí mo ti gbé pamọ́ sínú àpò ẹ̀yìn mi, mo tún bọ́ síta.